Ìdajì Tí Kò Sí Níbì Kankan

Ní ọdún 1950 ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń parí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn ọmọ tuntun wa ń gbà ní apá òsì títí dòní. Wọn kò fún àwọn yòókù. Wọ́n wá ń ṣọ́ ẹni tí ikọ́ ife máa mú. Nínú 13,598 tó gba abẹ́rẹ́, ikọ́ ife mú 62. Nínú 12,867 tí kò gbà á, ó mú 248. Ẹni tó bá rí èyí lè ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n láti 1968, wọ́n ṣe irú ìwádìí yìí ní agbègbè Ṣíńgílípútù, lẹ́bàá Madírásì ní gúúsù Íńdíà. Ènìyàn 88,391 gba abẹ́rẹ́, 88,391 mìíràn kò gbà á. Ikọ́ ife mú 505 nínú àwọn tó gbà á, ó mú 499 nínú àwọn tí kò gbà á. Ẹ ò rí i pé abẹ́rẹ́ náà kò ṣe ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀.

Ní 1994, Graham Colditz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 13 jọ, wọ́n sì ṣírò wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní mẹtà-análísíìsì. Àkópọ̀ ìwádìí ni n óò máa pè é. Èsì tó jáde ni 0.49, ìyẹn ni pé BCG dín ewu ikọ́ ife kù sí bí ìdajì. Ìṣírò náà péye, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àmọ́ ìdajì yìí kò ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ṣẹlẹ̀ ní Madírásì. Bí ènìyàn bá da ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàbá pọ̀ mọ́ ti ọmọ ọdún mẹ́ta, tó wá ra bàtà tó bọ́ sí àárín, ta ni bàtà ọ̀hún máa bá mu?

Ohun tí kì í jẹ́ kí irú nǹkan báyìí fara pamọ́ ni àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní fọ́rẹ́ẹ̀sì pílọ́ọ̀tì. Ìlà kan dúró gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n kọ 1 sí i. Ọ̀kan yẹn ni pé ewu ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àti ti ẹni tí kò gbà á dọ́gba. Ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ tó dùbúlẹ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré kan lórí rẹ̀. Àpótí tó bá wà lápá òsì 1, abẹ́rẹ́ ló gbè. Tó bá wà lápá ọ̀tún, kò gbè é. Gígùn ìlà tó dùbúlẹ̀ yẹn ni ibi tí òtítọ́ ti lè wà: bí ìwádìí bá ṣe kéré tó ni ìlà rẹ̀ máa gùn tó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àmì bíi dáyámọ́ńdì máa ń wà, òun ni èsì àkópọ̀.

Púpọ̀ nínú wa ló máa ń sáré lọ wo dáyámọ́ńdì yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ìlà òkè. Àpótí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní 0.24, ìlà rẹ̀ sì kúrú, láti 0.18 dé 0.31. Ti Madírásì wà ní 1.01, láti 0.89 dé 1.14. Ìlà méjèèjì yìí kò fara kan ara wọn rárá, ọ̀nà wọn jìn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Jọ́jíà ní Amẹ́ríkà wà ní 1.56, èyí tó dà bíi pé abẹ́rẹ́ ń pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ nà láti 0.37 dé 6.53, torí pé ènìyàn mẹ́jọ péré ni ikọ́ ife mú nínú gbogbo wọn. Ìwádìí náà kò ta ko ẹnikẹ́ni, kò kàn ní ẹ̀rí tó pọ̀ tó ni. Ìyapa tó yẹ kó kan wa lára ni ti àwọn ìlà kúkúrú tí kò bára wọn pàdé.

Ìyapa èsì yìí ni wọ́n ń fi I² wọ̀n. Nínú gbogbo bí èsì ṣe yàtọ̀ síra, I² ń sọ ìdá tí a kò lè dá lé orí kòńgẹ́ lásán. Ti BCG jẹ́ ìdá 92 nínú 100. Síbẹ̀, I² kò sọ bí àwọn èsì ṣe jìnnà síra tó. Bí àwọn ìwádìí bá tóbi gan-an, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan lè gbé e sókè. Bí wọ́n bá kéré, tí wọn kò sì pọ̀, ó lè lọ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyapa wà níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ kí olùwádìí kọ nọ́ńbà I² sílẹ̀ kó sì gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn kan máa ń ní ìlànà ìṣírò kan wà tó gbà pé èsì òtítọ́ lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, pé ẹni tó bá ti lo ìyẹn ti bọ́. Ìlànà yẹn gan-an ló mú 0.49 jáde. Ohun tó sì máa ń ṣe ni pé ó ń fún àwọn ìwádìí kéékèèké ní ohùn tó ga sí i. Madírásì, tó ní ènìyàn tó lé ní 176,000, gba ìdá bíi 10 nínú 100 nínú ìdájọ́. Ìwádìí kan tó ní ènìyàn 262 gba ìdá bíi 5. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: bí a bá gbé abẹ́rẹ́ yìí lọ sí ìlú tuntun, kí la lè retí? Ìṣírò fi hàn pé ó lè jẹ́ ibikíbi láàárín 0.15 sí 1.55. Ó lè gbà wá là dáadáa, ó sì lè má ṣe nǹkan kan. Èmi rò pé nọ́ńbà méjì yìí ló yẹ kó wà níwájú ìròyìn, kì í ṣe 0.49.

Kí ló wá fà á? Colditz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to àwọn ìwádìí náà bí ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní dígírì 52, Madírásì ní 13, Púẹ́tò Ríkò ní 18 pẹ̀lú èsì 0.71. Bí ibẹ̀ bá ṣe ń sún mọ́ ìlà náà ni ààbò abẹ́rẹ́ ń dín kù. Wọ́n rò pé nínú ilẹ̀ àti omi ìlú olóoru, àwọn kòkòrò tó bá ti ikọ́ ife tan pọ̀, wọ́n sì ti kọ́ ara ènìyàn bí a ṣe ń jà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ṣùgbọ́n ìjìnnà yìí kì í ṣe okùnfà fúnra rẹ̀, ìwádìí 13 sì kéré láti fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tán. Ní 2014, àkópọ̀ mìíràn tí Punam Mangtani ṣáájú rẹ̀ tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ààbò ga níbi tí wọ́n ti gún ọmọ tuntun, tàbí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa pé kòkòrò ikọ́ ife kò tíì wọ ara rẹ̀. Apá kan ohun tí wọ́n ti kà sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gún àti ìgbà tí wọ́n gún un.

Ìgbà tí kò yẹ kí a da èsì pọ̀ nìyẹn: ìgbà tí ìwádìí kan béèrè bóyá abẹ́rẹ́ ń dáàbò bo ọmọ tí kòkòrò kò tíì kàn, tí òmíràn sì béèrè nípa àgbàlagbà tó ti ń bá a gbé. Ó tún kan ìgbà tí àwọn ìwádìí kan kò pín ènìyàn bó ṣe yẹ. Nínú 13 yẹn, àwọn kan wà tó kàn ń fún ẹnì kan tí wọ́n ń fo èkejì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ti mọ ẹni tó kàn. Bí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bá ti ṣègbè, dída mẹ́wàá wọn pọ̀ kò lè wẹ ègbè náà nù. Ṣe ló máa mú kí ìlà kúrú, kí irọ́ dájú sí i. Nírú ipò yìí, kí olùwádìí ya àwòrán náà, kó to àwọn ìlà rẹ̀, kó ṣàlàyé ìyapa wọn, kó sì fi dáyámọ́ńdì sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, kí ẹnikẹ́ni má torí Madírásì fi abẹ́rẹ́ BCG du ọmọ rẹ̀ o. Nígbà tí àwọn Colditz béèrè ìbéèrè tó ṣe ṣókí, ìyẹn bóyá BCG ń dènà ikọ́ ife tó máa ń wọ awọ tó bo ọpọlọ, èyí tó máa ń pa ọmọ kékeré, ààbò ìdá 64 nínú 100 ni wọ́n rí. Èyí tó máa ń tàn ká gbogbo ara, ìdá 78 ni.