Àmù Kì Í Pe Òjò: Ìṣirò Pánẹ́ẹ̀lì àti Bátìrì fún Ilé Kékeré ní Adó-Àwáyè

Ní Adó-Àwáyè, ìlú tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè tí adágún Ìyáké wà lórí rẹ̀, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ẹni tí ó fi iná oòrùn sí ilé lè sùn sínú ìmọ́lẹ̀ kí ó sì jí sínú òkùnkùn. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ rò ni pé bátìrì òun kò tó. Yóò wá owó, yóò sì ra òmíràn kún un. Kò ní pẹ́ tí ìyọnu náà yóò fi padà, tí bátìrì méjèèjì yóò sì jọ máa kú pọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé bátìrì kì í dá iná. Ohun tí pánẹ́ẹ̀lì bá mú wálé ní ọ̀sán ni ó ń tọ́jú di alẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì dà bí òrùlé tí ń gba òjò. Bátìrì sì dà bí àmù. Bí òrùlé bá kéré, tí onílé ra àmù mẹ́wàá, omi rẹ̀ kò ní fi ife kan lé sí i. Nítorí náà, ìṣirò mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣáájú owó níná: iye iná tí ilé ń lò lójúmọ́, iye tí oòrùn lè mú wá ní oṣù tí ó ṣú jù lọ, àti iye tí bátìrì lè tọ́jú láì bàjẹ́.

Kí a mú ilé olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Gílóòbù márùn-ún ni ó wà nínú ilé náà. Wáàtì 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5 ni wọ́n sì ń tàn lálẹ́. Bí a bá sọ 5 di ìlọ́po 8, tí a tún sọ ọ́ di ìlọ́po 5, yóò jẹ́ wáàtì-wákàtì 200. Tẹlifíṣọ̀n àti dikódà rẹ̀ ń gba wáàtì 65 fún wákàtí 4. Èyí jẹ́ 260. Fáànù méjì tí ó jẹ́ wáàtì 60 ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 ní òru. Èyí nìkan jẹ́ 960. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,420.

Tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n fáànù ni ó ń gba bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iná ilé yìí. Bí olùkọ́ náà bá ra fáànù irú èyí tí kì í gbà ju wáàtì 30 lọ, 960 yóò di 480, àpapọ̀ yóò sì di 940. Owó tí ó bá lé lórí fáànù yóò dín owó pánẹ́ẹ̀lì àti ti bátìrì kù. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ka ohun èlò ilé ná kí a tó lọ sí ọjà.

Ínfátà pẹ̀lú ń jẹ nínú iná. Nínú iná 100 tí ó bá wọ inú rẹ̀, bí 85 ni ó ń jáde. Èyí sọ 940 di bí 1,106. Bí ó bá sì wà ní títàn fún wákàtí 14, tí òun fúnra rẹ̀ ń gba wáàtì 10, 140 tún kún un. Ohun tí olùkọ́ yìí nílò lóòótọ́ lójúmọ́ nìyẹn: nǹkan bí wáàtì-wákàtì 1,250.

Ó kan oòrùn. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oòrùn kì í lágbára bákan náà. Bí a bá kó agbára rẹ̀ ọjọ́ kan jọ, tí a fi agbára oòrùn ọ̀sán gangan wọ̀n ọ́n, ní Òkè-Ògùn yóò tó nǹkan bí wákàtí 5 ní oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún. Ní oṣù kẹjọ ńkọ́? Òjò lè dá díẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìkùukùu kì í kúrò lójú ọ̀run, wákàtí 3.5 ni ó bọ́gbọ́n mu láti gbé ìṣirò lé. Bẹ́ẹ̀ ni iye tí a kọ sára pánẹ́ẹ̀lì kì í dé bátìrì tán: ooru orí páànù, eruku ọyẹ́, wáyà àti bátìrì fúnra rẹ̀ ń mú nínú rẹ̀. Kí a ka ìdá 70 nínú 100 sí èyí tí ó kù.

Oṣù tí oòrùn pọ̀: 1,250 ÷ (5 × 0.7) = wáàtì 357
Oṣù kẹjọ: 1,250 ÷ (3.5 × 0.7) = wáàtì 510

Ẹni tí ó fi oṣù kẹta ṣe ìṣirò yóò ra pánẹ́ẹ̀lì kan tí ó jẹ́ wáàtì 350, yóò sì rò pé ó tó. Ní oṣù kẹjọ, pánẹ́ẹ̀lì náà kò ní mú ju bí 857 wá. Bí 390 ni yóò sì máa dín lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, bátìrì yóò gbẹ. Pánẹ́ẹ̀lì méjì tí ó jẹ́ wáàtì 300 yóò mú 1,470 wá, èyí tí yóò tó lò, tí yóò sì kù díẹ̀ fún ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú jù. Ṣùgbọ́n kí kọntirólà wọn jẹ́ èyí tí a kọ MPPT sí lára. Irú pánẹ́ẹ̀lì ńlá bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní bí fóòtì 32. Bí a bá fi kọntirólà olówó pọ́ọ́kú tí a kọ PWM sí lára so ó mọ́ bátìrì fóòtì 12, ó lé ní ìdajì iná rẹ̀ tí yóò ṣòfò.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá kan bátìrì. Nítorí pé òru ni ilé yìí ń lo gbogbo iná rẹ̀, bátìrì gbọ́dọ̀ lè fúnni ní 1,250. Bátìrì olójé olómi kò fẹ́ kí a máa fa ju ìdajì rẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Nítorí náà 2,500 ni a nílò. Bí a bá fi 12 pín in, ó jẹ́ ámpíà-wákàtì 208. Bátìrì kan tí ó jẹ́ 220 yóò tó. Ti lítíọ́mù gba kí a lo ìdá 80 nínú 100. 1,563 ni ó béèrè fún. Bátìrì lítíọ́mù fóòtì 12.8 tí ó jẹ́ ámpíà-wákàtì 100 kò tó, nítorí 1,280 péré ni ó lè gbà. 150 ni kí a rà.

Bí bátìrì olójé bá wà ní àìkún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ohun funfun tí ń so mọ́ àwọn awẹ́ òjé inú rẹ̀ yóò le gbagidi, iná kò sì ní lè wọlé bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Báyìí ni pánẹ́ẹ̀lì tí ó kéré ṣe ń pa bátìrì tí kò ṣẹ̀.

Báwo ni a óò ṣe mọ èyí tí ó ń ṣàìsàn? Kí a wo kọntirólà ní bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bátìrì olójé tí ó kún yóò ti dé bí fóòtì 14.4 kí alẹ́ tó lẹ́. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, kí a pa gbogbo nǹkan, kí a dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a sì fi mítà wọ̀n ọ́n: 12.7 fi hàn pé ó kún, 12.2 fi hàn pé ó ku ìdajì. Bí kò bá dé 14.4 rárá, pánẹ́ẹ̀lì ni ó kéré, tàbí eruku bò ó, tàbí òjìji igi máńgòrò, tàbí ti òkè fún ilé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè, ń ṣíji bò ó. Bátìrì tuntun kò lè wo àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kún lójoojúmọ́ tí iná sì tún ń kú ní òru, nígbà náà ni ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ bátìrì: ó kéré, tàbí ó ti gbó.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí olùkọ́ náà bá tún ra fáànù kẹta lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó tún ìṣirò yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó so ó mọ́ àjà.