Kí Olóúnjẹ Tó Gbéṣẹ́ Fún Ayàwòrán

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká fi ìyá olóúnjẹ kan ní Ìkirè ṣe àpẹẹrẹ, tó fẹ́ kí ayàwòrán ya àmì fún búkà rẹ̀. Bó bá kàn sọ pé, "Ṣáà ya èyí tó dára," tí iṣẹ́ dé tí kò wù ú, ta ni yóò dá lẹ́bi? Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò rí i: àwọn ará Àpòmù tó ń wá jẹun, àti èrò ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tó ń sáré kọjá. Nítorí tiwọn, lẹ́tà gbọ́dọ̀ tóbi, àwòrán kan sì tó. Kí ó jọ ilé ìyá ẹni, kó má jọ òtẹ́ẹ̀lì olówó.

Ibi ààlà ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àwọ̀ méjì péré, torí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní férémù tirẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sára náílọ́ọ̀nù, owó férémù ni a sì ń san. Dódò Ìkirè dúdú. Bí wọ́n bá yà á sórí pupa tó ṣókùnkùn, kò ní hàn. Yẹ́lò ni kó wà lábẹ́ rẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹta ní owó tirẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, kí ìyá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní dúdú nìkan, kó kéré tó ìdérí ìgò mínírà. Bí orúkọ kò bá ṣeé kà, kó dá a padà.