Ìdí Tí Oògùn Àyẹ̀wò Pẹ́ẹ̀tì Kì Í Fi Í Dúró De Ẹni Tó Bá Pẹ́

Bí dókítà bá kọ àyẹ̀wò Pẹ́ẹ̀tì fún ènìyàn (lórí ìwé, PET/CT ni ẹ ó rí), ohun kan wà tí ilé ìwòsàn máa ń tẹnu mọ́ ju gbogbo nǹkan lọ: ẹ má pẹ́. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé àṣejù ni, nítorí a ti mọ ilé ìwòsàn sí ibi tí a ti ń dúró, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dúró dè wá. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fẹ́ gún ní abẹ́rẹ́ yìí ti ń dínkù láti ìṣẹ́jú tí wọ́n ti ṣe é tán. Àwa apoògùn mọ oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ń parí lẹ́yìn ọdún méjì. Èyí kò ní ọdún, kò ní oṣù, wákàtí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ tirẹ̀.

Oògùn tí wọ́n ń lò jù ni FDG. Sùgà ni, tí wọ́n so èròjà kan tó ń jẹ́ fúlórìnì-18 mọ́. Jẹjẹrẹ fẹ́ràn sùgà ju ọ̀pọ̀ ẹran ara yòókù lọ. Tí sùgà aláfúlórìnì yìí bá wọ inú rẹ̀, kò lè lò ó tán bó ti ń lo sùgà gidi, kò sì lè tì í jáde, nítorí náà ó há síbẹ̀. Fúlórìnì náà wá di ẹni tí ń ta àmì láti ibi tó há sí, ẹ̀rọ a sì gbọ́ àmì náà láti òde ara.

Kí ló dé tó fi jẹ́ fúlórìnì-18? Àwọn èròjà tó lè ta irú àmì yìí pọ̀. Kábọ̀nù-11 wà, náítírójìn-13 wà, ọ́síjìn-15 náà wà, àwọn wọ̀nyí sì rọrùn láti so mọ́ oògùn nítorí inú ara wa gan-an kún fún kábọ̀nù, náítírójìn àti ọ́síjìn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń dín sí ìdajì. Ọ́síjìn-15 ń dín sí ìdajì láàárín ìṣẹ́jú méjì péré. Ti náítírójìn-13 jẹ́ ìṣẹ́jú 10, ti kábọ̀nù-11 jẹ́ bíi 20, ti fúlórìnì-18 sì jẹ́ 110. Kò sí fìríìjì tó lè dá a dúró, kò sì sí ìdérí ìgò tó lè tọ́jú rẹ̀. Bó ti ń kọjá lọ lórí tábìlì náà ló ń kọjá lọ nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn àjò wò ó. Ká sọ pé ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí ń ṣe èròjà yìí, ìyẹn sáíkílótírọ́ọ̀nù, wà ní Ìbàdàn, tí aláìsàn sì wà ní Èkó. Mílíkúrì 10 ni aláìsàn nílò ní aago 10:00 àárọ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní 8:10, ìyẹn ìṣẹ́jú 110 ṣáájú. Tó bá jẹ́ fúlórìnì-18, ìdajì yóò lọ lójú ọ̀nà, nítorí náà 20 ni wọn yóò dì sínú àpótí òjé. Ìyẹn ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ kábọ̀nù-11, ìdajì yóò lọ, ìdajì ohun tó kù yóò tún lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà márùn-ún àti díẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Bíi 420 ni wọn yóò dì kí 10 tó lè kù. Tó bá jẹ́ ọ́síjìn-15, ìgbà bíi 54 ni yóò dín sí ìdajì lójú ọ̀nà, kò sì sí iye tí ènìyàn lè dì tí ohunkóhun yóò kù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ lo ọ́síjìn-15 tàbí kábọ̀nù-11 gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ náà nínú ọgbà rẹ̀, tí fúlórìnì-18 sì lè wọ ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Ẹ tún fi aláìsàn kejì kún un. Òun náà fẹ́ 10, ṣùgbọ́n ní 11:50, láti inú ìgò kan náà. Ohun tó jẹ́ 10 ní 11:50 jẹ́ 20 ní 10:00, ó sì jẹ́ 40 ní 8:10. Nítorí náà 60 ni ìgò náà gbọ́dọ̀ ní nígbà tó ń kúrò ní Ìbàdàn, 20 fún ẹni àkọ́kọ́, 40 fún ẹni kejì. Ẹ wá rí ohun tí ìpẹ́lẹ́yìn ẹnì kan ń ṣe: oògùn tirẹ̀ ń dín, ti ẹni tó tẹ̀ lé e sì lè má tó mọ́.

Ìrìn àjò nìkan kọ́. Sùgà yìí nílò bíi wákàtí kan nínú ara kó tó há síbi tó yẹ, kí ìyókù sì ti inú ẹ̀jẹ̀ jáde lọ sínú ìtọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, kábọ̀nù-11 ti ku ìdá kan nínú mẹ́jọ, fúlórìnì-18 sì ṣì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ẹnìkan lè wá béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú mú èyí tó ń pẹ́ jù. Síkóníọ́mù-89 wà tó ń gba wákàtí 78 kó tó dín sí ìdajì. Ó wúlò fún àwọn oògùn ńláńlá tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó dé ibi àrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so ó mọ́ ohun tó dé ibi tó ń lọ láàárín wákàtí kan, aláìsàn yóò ti parí àyẹ̀wò, yóò ti délé, ìtànṣán yóò ṣì máa bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsí àǹfààní kankan. Bí oògùn bá ti ń pẹ́ tó kó tó débi tó ń lọ ló yẹ kí èròjà náà pẹ́ tó, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ púpọ̀.

Gálíọ́mù-68 wà láàárín, ìṣẹ́jú 68 ni tirẹ̀, ó sì ní ohun kan tó wù mí fún àwọn ibi tí kò ní sáíkílótírọ́ọ̀nù. Inú àpótí kékeré kan tó ní jámáníọ́mù-68 ló ti ń wá. Jámáníọ́mù yìí ń gba ọjọ́ 271 kó tó dín sí ìdajì, bó sì ti ń dín ló ń bí gálíọ́mù. Bí màlúù tí Fúlàní ń fún wàrà rẹ̀ ni: ẹ fún un láàárọ̀, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ọmú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún padà. Àpótí kan lè ṣiṣẹ́ tó bí ọdún kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí wọ́n fi gálíọ́mù-68 ṣe láti fi wá jẹjẹrẹ próstéètì.

Ó wá ku bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ àmì náà. Nígbà tí fúlórìnì-18 kan bá parẹ́, ó sábà máa ń ta ohun tíńtín kan jáde tí wọ́n ń pè ní pósítírọ́ọ̀nù. Ìkejì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, àmọ́ iná ara wọn yàtọ̀ síra. Kò rìn jìnnà, bíi ìdajì mílímítà tàbí ó lé díẹ̀, kó tó pàdé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Bí wọ́n bá ti pàdé, àwọn méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, ìtànṣán gámà méjì á sì jáde níbẹ̀, ọ̀kan síhìn-ín, èkejì sí òdìkejì gan-an, agbára wọn sì dọ́gba. (Pósítírọ́ọ̀nù gálíọ́mù ń rìn jìnnà díẹ̀ sí i, bíi mílímítà mẹ́ta, nítorí náà àwòrán rẹ̀ kì í mú tó ti fúlórìnì.)

Òrùka ńlá tí aláìsàn ń wọ inú rẹ̀ kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta dídán kéékèèké. Bí ìtànṣán gámà bá kọlu ọ̀kan, òkúta náà á kọ mànà fún ìṣẹ́jú tí kò tó nǹkan, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì sọ ìmọ́lẹ̀ náà di iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ òkúta mìíràn ní òdìkejì kọ mànà lákòókò kan náà? Àkókò kan náà níbí túmọ̀ sí ìdá mélòó kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé ibi tí àwọn méjèèjì ti wá wà lórí ìlà tó so òkúta méjì náà pọ̀. Ìlà kan kò sọ ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n tí mílíọ̀nù ìlà bá kọjá lára wọn, ibi tí wọ́n ti ń kóra jọ ni àrùn wà. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tún ń wo ẹni tó kọ́kọ́ dé nínú ìtànṣán méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ ń rin sẹ̀ǹtímítà 30 nínú ìdá kan bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Tí ọ̀kan bá fi bẹ́ẹ̀ ṣáájú èkejì, sẹ̀ǹtímítà 15 ni ibi tí wọ́n ti wá fi sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ju àárín lọ.

Ẹ̀rọ yìí lè ṣì í. Ìtànṣán méjì láti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ṣe kòńgẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á sì fa ìlà èké láàárín wọn. Bí èròjà inú ara bá di ìlọ́po méjì, ìlà òtítọ́ á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìlà èké á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó rò pé kí wọ́n kàn gún un ní púpọ̀ kí àwòrán lè dára kò ní rí ohun tó ń wá. Ìtànṣán mìíràn a tún máa forí sọ nǹkan nínú ara, a sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ ń dá irú èyí mọ̀ nítorí agbára rẹ̀ ti dín.

Ara fúnra rẹ̀ tún ń gbé púpọ̀ mì. Bí ara bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, bíi ìdá kan nínú 18 péré nínú ìtànṣán oníméjì-méjì ló ń yọ jáde pọ̀. Iṣẹ́ CT tó wà lára ẹ̀rọ náà nìyẹn: ó ń wọn bí ara ti nípọn tó kí wọ́n lè ṣe àtúnṣe iye náà. Àtúnṣe yìí pẹ̀lú ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó ní irin ní ìbàdí tàbí nínú eyín, CT lè ka irin náà sí ohun tó nípọn jù, àtúnṣe á pọ̀ jù, ibẹ̀ á sì máa dán bí ẹni pé àrùn wà níbẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ á ṣí àwòrán tí wọn kò tíì ṣe àtúnṣe sí. Bí dídán náà kò bá sí nínú èyí, irin ló ń purọ́. Nítorí náà ẹ sọ fún wọn bí irin bá wà lára yín.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ mu omi dáadáa kí ẹ sì máa tọ̀ léraléra, nítorí inú ìtọ̀ ni púpọ̀ nínú ìyókù ń gbà jáde. Ẹ da omi sí ilé ìtọ̀ dáadáa, kí ẹ sì fọwọ́. Ẹ yẹra fún aboyún àti ọmọ ọwọ́ fún ìwọ̀n wákàtí tí wọ́n bá sọ. Láàárín wákàtí 18 sí 19, fúlórìnì yóò ti dín sí ìdajì nígbà mẹ́wàá, ohun tó kù kò sì ní tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò láàárọ̀ lè tò sínú sáfù ìrun Sùbúhì ọjọ́ kejì, èjìká sí èjìká, láìfòyà.

Àwọn kan ti bi mí nípa Ramadan. Ẹni tó fẹ́ gba FDG gbọ́dọ̀ yàgò fún oúnjẹ fún bíi wákàtí mẹ́fà kí sùgà ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Bí sùgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò bá FDG du ọ̀nà, jẹjẹrẹ lè má dán mọ́. Ṣùgbọ́n omi lásán kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ yàgò fún, àní wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ mu ún. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ náà síwájú sí ẹ̀yìn Ramadan. Bí kò bá ṣeé sún, àyè ìrọ̀rùn aláìsàn wà fún yín, ẹ san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà lẹ́yìn oṣù. Ẹni tó ní ìtọ̀ súgà kò gbọ́dọ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Kó pe ilé ìwòsàn ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n sọ aago tó yẹ kó lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.