Ó tó ọjọ́ mẹ́ta!

Bí ọ̀rẹ́ méjì bá pàdé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọn á kọ́kọ́ kí ara wọn. Lẹ́yìn ìkíni ni ọ̀rọ̀ gan-an tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń rí.

Ìyá méjì kan jọ kọ́ aṣọ rírán ní Kétu. Ọ̀kan lọ ń gbé ní Àjàṣẹ́. Ọdún méjìlá kọjá, wọn kò rí ara wọn. Ní ọjọ́ kan, ará Àjàṣẹ́ yìí mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ọjà Kétu. Ó gbọ́ tí ẹnìkan pè é:

“Ìyá Ìbejì! Ṣé ìwọ rè é? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta!”

Ọdún méjìlá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kí ẹni tí a kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ náà dì mọ́ ara wọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, ìyá.”

“Àwọn ọmọ ń kọ́?”
“Wọ́n wà.”
“Iṣẹ́ ń kọ́?”
“A dúpẹ́.”

Ìdáhùn wọ̀nyí máa ń yá lẹ́nu. Ẹni tí nǹkan kò dára fún pàápàá ń dáhùn bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í ka ìṣòro ẹni láàárín ọjà.

Ìyá Ìbejì wá béèrè pé, “Màmá ń kọ́?”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wolẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ pé, “A dúpẹ́.”

Ìyá Ìbejì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Kò tún béèrè mọ́ lójú ọjà. Ó ní, “Jẹ́ kí a wá ibi jókòó sí.”

Wọ́n lọ sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bu omi fún wọn, wọ́n mu. Ìyá Ìbejì ní, “Mo rántí ẹ̀wà tí Màmá máa ń gbé kalẹ̀ fún wa bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé.” Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń dúró.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “Màmá ti lọ. Ó ti di ọdún mẹ́ta. Mi ò mọ ibi tí mo lè ránṣẹ́ sí ọ.”

Ìyá Ìbejì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, “O kú àráfẹ́rakù.” Àwọn méjèèjì sunkún.

Nígbà tí ó ṣe, Ìyá Ìbejì náà sọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹja ni ó ń tà báyìí. “A dúpẹ́” tí ó sọ lọ́jà kò sọ èyí.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìbéèrè
1. Báwo ni Ìyá Ìbejì ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀?
2. Kí ló dé tí kò fi tún béèrè lójú ọjà?
3. Kí ni ó ṣe kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀?