Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Fún Gírámà TOEFL ITP

Ìbéèrè 40 ló wà ní abala gírámà ìdánwò TOEFL ITP, ìṣẹ́jú 25 péré sì ni wọ́n fún èèyàn láti dáhùn gbogbo rẹ̀. Nínú 15 àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí yóò dí àlàfo inú gbólóhùn ni wọ́n ní kó mú. Nínú 25 tó kù, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ibi mẹ́rin nínú gbólóhùn, kó tọ́ka sí èyí tó ní àṣìṣe.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọ Kétu kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, tó fi Faransé kàwé. Wákàtí kan ló ní láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àti wákàtí méjì ní Sátidé. Kó fi Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdè ṣe gírámà, kó tẹ́tí sí Gẹ̀ẹ́sì ní Túsìdeè, kó kàwé ní Tọ́sìdeè.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní kì í ṣe ti ìwé gírámà rárá. Kó ṣe ìdánwò àfidánrawò kan, kó fi aago sí i, kó sì pín àwọn àṣìṣe rẹ̀ sí ọ̀wọ́. Ká ní ó kùnà 17: méje lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ ìṣe, márùn-ún káàkiri. Iye yìí ni yóò pín ọ̀sẹ̀ fún un, torí pé ẹni tó bá tẹ̀ lé orí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ á lo ọjọ́ púpọ̀ lórí ohun tó ti mọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ orúkọ ló ni ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Faransé ló ń kó bá a níbẹ̀: Faransé máa ń ka ìmọ̀ràn ní ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í fi lẹ́tà s kún un. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ni ọ̀sẹ̀ kẹrin. Yorùbá kì í yí i padà: “Ọmọ náà ń lọ”, “àwọn ọmọ náà ń lọ”. Gẹ̀ẹ́sì ń yí i, àwọn tó ṣe ìdánwò náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń dẹkùn. Wọ́n á fi àwọn ewé ṣe olùwà, wọ́n á ki igi kan sí àárín, kí ojú lè lọ sára igi tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Kó máa fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ olùwà kó tó wo ìdáhùn. Àwọn àṣìṣe tó kù ló ni ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Kó tún ìbéèrè tó kùnà ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá gbà á ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ìdí tí ìdáhùn kejì fi ṣì, ó há a sórí ni, kò tíì yé e.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkeje jẹ́ ti aago: ìbéèrè 20 ní ìṣẹ́jú 12. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kó ṣe odindi ìdánwò kan tí kò tíì rí rí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àṣìṣe rẹ̀ nìkan ni kó máa wò. Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, kó má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìdáhùn, torí TOEFL ITP kì í yọ máàkì nítorí ìdáhùn tó ṣì.