Ìgbì tó ń já eré afẹ́fẹ́ lulẹ̀ nínú páìpù

Láàárín 1976 sí 2003, ọkọ̀ òfuurufú Concorde máa ń gbé èrò kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní eré tó tó ìlọ́po méjì eré ìró. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì lè mu afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ ní irú eré bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdajì eré ìró ni ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ òun, mítà díẹ̀ péré ló sì wà láàárín ẹnu páìpù àti ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ìgbì ṣọ́ọ̀kì ti ń wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń fà á kò le. Bí nǹkan bá dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ìró ló ń gbé ìròyìn náà lọ fún afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ó lè dẹ ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá yára ju ìró lọ kì í gbọ́ ìròyìn kankan. Ó dà bí awakọ̀ tó ń sáré lóru, tí ó ṣàdédé já sí ìdí gó-sìlóò tí kò sí iná lẹ́yìn ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Gbogbo eré tó yẹ kó dín díẹ̀díẹ̀ á wá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ibi kan tó tín-ín-rín ju bébà lọ, tó dábùú páìpù láti ògiri dé ògiri.

Nọ́ńbà Máàkì ni wọ́n fi ń wọn eré yìí: iye ìgbà tí eré afẹ́fẹ́ fi pọ̀ ju eré ìró lọ níbi tó wà. Orúkọ Ernst Mach ni wọ́n fi pè é. Ní 1887 ni òun àti Peter Salcher gbé àwòrán ìgbì tí ọta ìbọn ń dá sílẹ̀ jáde. Rankine ní 1870, àti Hugoniot lẹ́yìn rẹ̀, ló ṣe ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀. Wọ́n mú un pé iye afẹ́fẹ́ tó wọlé ló ń jáde, pé agbára kò sọnù, àti pé ìtì afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìfúnpá rẹ̀ dọ́gba níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Fún afẹ́fẹ́ lásán, ibi tó já sí nìyí, tí 1 jẹ́ iwájú ìgbì, tí 2 sì jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀:

```
M2² = (M1² + 5) / (7·M1² − 1)
p2/p1 = (7·M1² − 1) / 6
```

Ẹ jẹ́ ká fi Máàkì 2 dán an wò. Ìlọ́po 2 lọ́nà méjì jẹ́ 4. Nínú ìlà kìíní, 9 lórí 27 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.577. Eré afẹ́fẹ́ ti wá sí abẹ́ eré ìró. Nínú ìlà kejì, 27 lórí 6 jẹ́ 4.5: bí ìfúnpá bá jẹ́ kílópásìkà 20 kó tó kan ìgbì, á di 90 lẹ́yìn rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà Máàkì lọ sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n eré fúnra rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà ní ìwọ̀n −23 lórí Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì máa gbóná dé nǹkan bí 149, eré ìró sì máa ń ga nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Nítorí náà, mítà 634 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á di nǹkan bí 238. Ẹni tó bá fi eré ìró ti iwájú ìgbì ṣírò ti ẹ̀yìn rẹ̀ ti gba ìdáhùn òdì.

Ìfúnpá tó ga yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ká ní a rọra dá afẹ́fẹ́ náà dúró pátápátá, ìfúnpá tí a ó rí gbà lẹ́yìn ìgbì fi ìdá 28 nínú 100 kéré sí ti iwájú. Ní Máàkì 3, àdánù náà ju ìdá 67 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi jẹ́ kí ìgbì kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lára Concorde. Pátákó tó ṣeé gbé sókè-sódò máa ń dá àwọn ìgbì tó dagun sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, èyí tó dábùú á sì wá parí rẹ̀ nígbà tí eré ti rẹlẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ ibi tí ìgbì dúró sí ni pé kí a lu ihò wẹ́wẹ́ sára ògiri páìpù, kí a sì ka ìfúnpá ibi kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti ṣàdédé fò sókè ni. Nínú páìpù gidi, fífò náà kì í mú bíi ti ìwé, torí afẹ́fẹ́ tó ń fà lára ògiri máa ń fọ́ ìgbì náà sí ọ̀pọ̀.

Bí ìfúnpá ẹ̀yìn bá ga jù, ìgbì á máa wọ́ síwájú, títí tí páìpù á fi pọ̀ ọ́ síta. Àwọn tó wa ọkọ̀ ológun SR-71 mọ̀ ọ́n dáadáa: agbára ẹ́ńjìnnì kan á já lójijì, imú ọkọ̀ á yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí awakọ̀ lè gbá gíláàsì. Ohun tó ń tún un ṣe ni ṣóńṣó irin tó wà lẹ́nu páìpù, tí ẹ̀rọ á tì síwájú kí ó tún lè gbé ìgbì náà mì, kó tó wá fà á padà sẹ́yìn.