Òǹtẹ̀ àti Ìbuwọ́lùwé nínú Àdàkọ Lẹ́tà Ìjọba

Nínú àdàkọ lẹ́tà ìjọba, inú àkámọ́ onígun ni a ń ṣe àpèjúwe orí ìwé, òǹtẹ̀, èdìdì àti ìbuwọ́lùwé sí. Wọn kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ká ní a kọ lẹ́tà kan ní 3/5/1938, tí òǹtẹ̀ ọ́fíìsì tó gbà á sì jẹ́ 9/5/1938. Bí adàkọ bá da òǹtẹ̀ náà mọ́ ọ̀rọ̀, òǹkàwé kò ní mọ ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà gan-an. Àpèjúwe tó yẹ nìyí:

[òǹtẹ̀ róbà aláwọ̀ aró, igun òkè lápá ọ̀tún: ọjọ́ ìgbàwọlé, 9/5/1938]

Ìbuwọ́lùwé ló máa ń tan ènìyàn jù. Bí kò bá ṣeé kà, kí adàkọ sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó má fi orúkọ tí a tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ dípò, nítorí igbákejì ọ̀gá lè ti buwọ́ lù ú.